Bí a ṣe ń yọ ìwọ̀n Debye bàbà jáde láti inú agbára ìgbooru rẹ̀ nínú òtútù líle

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ wọn agbára ìgbooru bàbà láti 2 K dé 5 K sábà máa ń kọsẹ̀ síbì kan náà. Ìwé ti sọ fún un pé bí òtútù bá mú kírísítà gan-an, agbára ìgbooru rẹ̀, C, máa ń bá T³ rìn. Ó ya gíráàfù lógí C sí lógí T, ó ń retí pé kí ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà jẹ́ 3, ó sì rí 1.83. Àwọn kan á da bàbà náà nù, wọ́n á ní ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi tipátipá fa ìlà T³ gba àárín àwọn àmì náà kọjá, wọ́n á wá gba ìwọ̀n Debye, ìyẹn ìwọ̀n ìgbóná tó ń fi bí kírísítà ṣe le tó hàn, tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Bẹ́ẹ̀ bàbà náà kò ṣẹ̀, òfin T³ náà kò sì parọ́. Nǹkan méjì ló ń gba ooru pọ̀ nínú bàbà, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì kà wọ́n sí ọ̀kan.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe níbí ni láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, kí a yọ ìwọ̀n Debye, tí a ń fi θ dúró fún, kí a sì fi ìyára ohùn dán an wò bóyá òótọ́ ni.

Ohun tí o nílò

- Ìwọ̀n C bàbà ní ìwọ̀n ìgbóná bíi mélòó kan tí gbogbo wọn wà nísàlẹ̀ 7 K.
- Ìwọ̀n C pẹpẹ tí bàbà náà jókòó lé àti ti gíríìsì tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, tí o wọ̀n lọ́tọ̀ kí o tó gbé bàbà sí i.
- Ìwúwo bàbà náà ní gíráàmù. Móòlù kan bàbà jẹ́ gíráàmù 63.55.
- R = 8.314 J/mol·K.
- Ìyára ohùn nínú bàbà, méjèèjì: ti ìgbì tó ń tì síwájú àti ti ìgbì tó ń mì sẹ́gbẹ̀ẹ́.
- Ìwé gíráàfù, tàbí kọ̀ǹpútà tó ní Python.

Ìpele 1: Mọ ibi tí T³ ti wá, kí o lè mọ ibi tí yóò parí sí

Má fo ìpele yìí. Ẹni tó bá kàn há òfin náà sórí ni yóò lò ó níbi tí kò sí.

Àwọn átọ́mù inú kírísítà ń gbọ̀n láìdúró, agbára ìgbọ̀n wọn kì í sì í wọlé bí omi tó ń ṣàn; ìdì ìdì ló ń wọlé. Bí ìgbọ̀n kan bá ṣe yára tó ni ìdì rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ní 1907, Albert Einstein gbà pé átọ́mù kọ̀ọ̀kan ń dá gbọ̀n, àti pé ìyára kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Ìyẹn dà bí ọjà tí owó tó kéré jù tí wọ́n ń ná níbẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà: ẹni tó bá ní ogún náírà lọ́wọ́ kò lè ra ohunkóhun. Nígbà tí òtútù bá dé, agbára tó wà nílẹ̀ kò tó ra ìdì kan, C á sì já lulẹ̀ lójijì. Bí a bá fún bàbà ní ìwọ̀n Einstein 240 K, tó bá a mu dáadáa ní 100 K, àwòṣe náà yóò sọ pé C ní 5 K kò ju nǹkan bí 8 × 10⁻¹⁷ J/mol·K lọ. Ìpín tí ìgbọ̀n átọ́mù kó nínú ohun tí a ń wọ̀n ní 5 K jẹ́ nǹkan bí 6 × 10⁻³ J/mol·K. Ìyàtọ̀ náà ju kí a fi àṣìṣe irinṣẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Peter Debye tún un ṣe ní 1912. Átọ́mù kì í dá gbọ̀n, torí ó so mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbọ̀n wọn jẹ́ ìgbì tó ń rin kírísítà já, ìyẹn ìgbì ohùn gan-an. Ìgbì tó bá gùn kì í yára gbọ̀n, ìdì rẹ̀ á sì kéré. Nítorí náà, bó ti wù kí òtútù mú tó, àwọn ìgbì gígùn kan wà tí ìdì wọn ṣì kéré ju kT, ìyẹn agbára tí ooru ń pèsè, lọ, wọ́n á sì máa gba ooru.

Mélòó ni wọ́n? Bí o bá ka àwọn ìgbì náà sí àmì nínú àyè tó ní ìhà mẹ́ta, àwọn tí ìdì wọn kò ju kT lọ kún inú bọ́ọ̀lù kan tí ìbú rẹ̀ ń bá T pọ̀ sí i. Àyè inú bọ́ọ̀lù ń bá T³ pọ̀ sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé nǹkan bí kT dání, nítorí náà àpapọ̀ agbára ń bá T⁴ lọ. C ni ìwọ̀n bí agbára náà ṣe ń yí padà bí T ti ń yí, ó sì di T³. Ohun tó bí 3 yìí ni ìhà mẹ́ta tí ìgbì lè gbà.

Fún móòlù átọ́mù kan, èsì náà ni:

C = (12π⁴/5) R (T/θ)³ = 1944 (T/θ)³ J/mol·K

*Àyẹ̀wò:* bí o bá sọ T di ìlọ́po méjì, ìpín ti ìgbọ̀n átọ́mù gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí o kò bá lè ṣàlàyé ìdí tí kò fi jẹ́ mẹ́rin, padà sórí bọ́ọ̀lù yẹn.

Ìpele 2: Yan ibi tí òfin náà ti ń ṣiṣẹ́

Gbogbo àlàyé òkè yìí dá lórí pé ìyára ìgbì kan náà ni gbogbo ìgbì ń bá rìn. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ fún ìgbì gígùn nìkan. Nígbà tí gígùn ìgbì bá ti ń sún mọ́ àlàfo tó wà láàárín átọ́mù àti átọ́mù, ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra ju bí Debye ṣe rò ó lọ. Fún àwòṣe Debye fúnra rẹ̀, T³ ń dúró títí dé nǹkan bí θ/12. Nínú kírísítà gidi, kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí mo gbà pé kí o tẹ̀ lé ni kí o má kọjá θ/50.

Fún bàbà, tí θ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 344 K, ìyẹn jẹ́ 6.9 K. Dáyámọ́ǹdì le gan-an, θ rẹ̀ tó nǹkan bí 2230 K, o sì lè gòkè dé 45 K. Òjé rọ̀, ó sì wúwo; θ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 105 K, o kò gbọdọ̀ kọjá 2.1 K.

*Ìkìlọ̀:* òjé máa ń di ohun tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdènà rárá bó bá ti wà nísàlẹ̀ 7.2 K, ìpín àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì yí padà pátápátá. Bí o bá fẹ́ fi òjé ṣe iṣẹ́ yìí, fi òòfà tó lágbára ju 0.08 T lọ lé ipò yẹn kúrò lára rẹ̀. Bàbà kò ní wàhálà yìí, ìdí nìyẹn tó fi dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ìwọ kò tíì mọ θ rẹ, nítorí náà fi èyí tí o rò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o bá dé Ìpele 5, yọ àmì tó ga jù kúrò, kí o tún ìṣirò ṣe. Bí θ bá yí padà ju àṣìṣe rẹ̀ lọ, o ti gòkè jù.

Ìpele 3: Yí nọ́ḿbà irinṣẹ́ padà sí ti móòlù átọ́mù

Ká ní ègé bàbà rẹ wúwo tó mílígíráàmù 200. Ìyẹn jẹ́ 0.200 ÷ 63.55 = 3.147 × 10⁻³ móòlù. Ní 4 K, ègé bẹ́ẹ̀ yóò fún ọ ní nǹkan bí 18.36 µJ/K lẹ́yìn tí o bá ti yọ ti pẹpẹ àti ti gíríìsì kúrò. Pín in fún iye móòlù, wàá rí 5.83 mJ/mol·K.

Ibi méjì ni wọ́n ti máa ń ṣìnà níbí. Èkíní ni gíríìsì. Kí ooru lè rìn dáadáa láti pẹpẹ sínú bàbà, àwọn ènìyàn á fi gíríìsì díẹ̀ kún un nígbà tí wọ́n ń gbé bàbà sórí rẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé pé èyí tí wọ́n fi kún un kò sí nínú ìwọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Gíríìsì náà ń gba ooru, ìpín rẹ̀ sì ń yára pọ̀ bí T ti ń gòkè. Iye tí o fẹ́ lò ni kí o fi sórí pẹpẹ kí o tó wọn pẹpẹ, má sì fi nǹkankan kún un mọ́.

Èkejì ni kíka átọ́mù, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń lo iyọ̀ dípò bàbà ti ń ṣubú. Fọ́múlà Debye wà fún móòlù *átọ́mù*. Móòlù kan NaCl ní móòlù átọ́mù méjì nínú: sódíọ̀mù kan, kílórínì kan. Bí o bá gbàgbé méjì yẹn, θ rẹ yóò kéré ní ìlọ́po 1.26, nítorí 1.26 ni 2 di nígbà tí a bá wá orísun kẹta rẹ̀. Iyọ̀ tí θ rẹ̀ jẹ́ 321 K yóò wá fún ọ ní nǹkan bí 255 K. Nọ́ḿbà náà kò burú lójú, ìdí nìyẹn tó fi léwu.

*Àyẹ̀wò:* bí o bá ní ìwọ̀n kan tí o ṣe nínú yàrá, ní nǹkan bí 298 K, C móòlù átọ́mù kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí 3R, ìyẹn 24.9 J/mol·K. Bàbà jẹ́ 24.4. Bí ti iyọ̀ rẹ bá sún mọ́ 50, móòlù NaCl ni o kà, o kò ka móòlù átọ́mù.

Ìpele 4: Ya C/T sí T², má ya C sí T³

Ìpele yìí ló tú ọ̀rọ̀ 1.83 yẹn. Nínú bàbà, àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn káàkiri ń gba ooru tiwọn, ìpín wọn sì ń bá T lọ, kì í bá T³. Nítorí náà:

C = γT + βT³

γ jẹ́ ti ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, β sì jẹ́ ti ìgbọ̀n átọ́mù. Bí o bá fi T pín ìhà méjèèjì, wàá rí C/T = γ + βT². Èyí jẹ́ ìlà gbọọrọ bí T² bá wà lórí òpó ìsàlẹ̀. Ibi tí ìlà náà ti gé òpó ìdúró ni γ. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni β.

Nọ́ḿbà tí bàbà mímọ́ máa ń fún ni nìwọ̀nyí, tí mo ṣírò láti inú γ àti β rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀:

| T (K) | C (mJ/mol·K) | T² (K²) | C/T (mJ/mol·K²) |
|---|---|---|---|
| 2 | 1.772 | 4 | 0.886 |
| 3 | 3.373 | 9 | 1.124 |
| 4 | 5.833 | 16 | 1.458 |
| 5 | 9.438 | 25 | 1.888 |

Wo òpó ìkẹyìn. Láti T² = 4 dé 25, C/T gòkè ní 1.002 lórí 21, ìyẹn 0.0477. Padà sẹ́yìn láti 4 dé 0: 0.886 − 4 × 0.0477 = 0.695. O ti rí méjèèjì láìlo kọ̀ǹpútà.

Ìpín méjèèjì bára dọ́gba níbi tí T² = γ/β, ìyẹn 14.6, èyí tó jẹ́ 3.8 K. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń jọba. Lókè rẹ̀, ìgbọ̀n átọ́mù ni. Láti 2 K dé 5 K, o wà láàárín ibi tí ọ̀kan ti ń gbé ìjọba fún èkejì. Ìdagẹ̀rẹ̀ 1.83 tí akẹ́kọ̀ọ́ náà rí lórí gíráàfù lógí kò ju àdàpọ̀ 1 àti 3 lọ. Kò dúró fún òfin kankan.

*Ìkìlọ̀:* má rò pé o lè fojú fo γ dá torí ó kéré. Bí o bá ka gbogbo C sí βT³, ìwọ̀n ti 2 K yóò fún ọ ní θ tó jẹ́ 206 K, ti 5 K yóò sì fún ọ ní 295 K. Nígbàkígbà tí θ rẹ bá ń gòkè bí T ti ń gòkè báyìí, tó sì jẹ́ pé irin ni o ń wọ̀n, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

*Àyẹ̀wò:* bí o bá ṣe é fún iyọ̀ tàbí dáyámọ́ǹdì, tí kò ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn, ìlà náà gbọ́dọ̀ gé òpó ní òdo. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, padà lọ wo ìṣirò gíríìsì àti pẹpẹ rẹ.

Ìpele 5: Sọ β di θ

Yí fọ́múlà Ìpele 1 padà: θ³ = 1944 ÷ β. Ṣùgbọ́n β tí a rí wà ní mJ, 1944 sì wà ní J. Sọ β di 4.77 × 10⁻⁵ J/mol·K⁴ kí o tó pín. 1944 ÷ 4.77 × 10⁻⁵ jẹ́ 4.075 × 10⁷, orísun kẹta rẹ̀ sì jẹ́ 344 K.

Bí o bá ní àmì tó pọ̀, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fa ìlà náà:

```python
import numpy as np
T = np.array([2.0, 3.0, 4.0, 5.0])
C = np.array([1.772, 3.373, 5.833, 9.438])*1e-3
r = 1   # bí C bá jẹ́ ti móòlù átọ́mù; bó bá jẹ́ ti móòlù NaCl, r = 2
beta, gamma = np.polyfit(T**2, C/T, 1)
theta = (12*np.pi**4/5*8.314*r/beta)**(1/3)
print(gamma*1e3, beta*1e6, theta)
```

Yóò tẹ nǹkan bí 0.695, 47.7 àti 344 jáde.

*Àyẹ̀wò:* bí θ bá jáde bíi 34 tàbí 3440, mJ àti J ni o dàrú, nítorí pé àṣìṣe ìlọ́po ẹgbẹ̀rún nínú β máa ń di ìlọ́po mẹ́wàá nínú θ. Orísun kẹta yìí ń ṣe ọ́ láǹfààní pẹ̀lú: àṣìṣe 3% nínú β kò ju 1% lọ nínú θ. Nítorí náà, bí θ bàbà rẹ bá fi 20 K jìnnà sí 344, má sọ pé irinṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ péye. Nǹkan ńlá kan ló ṣẹlẹ̀, kí o wá a.

Ìpele 6: Fi ìyára ohùn dán an wò

Èyí ni àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ìwé ìṣe yàrá-ẹ̀kọ́ kì í fi kún un. Bó bá jẹ́ òótọ́ pé ìgbì ohùn ló ń gba ooru náà, ẹni tí kò fọwọ́ kan hílíọ̀mù tí wọ́n fi ń mú nǹkan tutù rí gbọ́dọ̀ lè rí θ kan náà nípa wíwọn bí ohùn ṣe ń yára nínú bàbà lórí tábìlì.

Nínú bàbà tí wọ́n ti fi iná rọ̀, ìgbì tó ń tì síwájú ń sáré ní 4760 m/s, èyí tó ń mì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń sáré ní 2325 m/s. Oríṣi méjì ni ìgbì tó ń mì sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà a máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì:

3/v³ = 1/4760³ + 2/2325³

Ìyẹn fún wa ní v = 2612 m/s. Kíyè sí i pé ìgbì tó lọ́ra ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu gbogbo rẹ̀. Àwọn tó bá kàn fi ìyára méjèèjì ṣe ìpíndọ́gba lásán máa ń gba v tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, θ wọn á sì fò sókè.

Lẹ́yìn náà, θ = (ħ/k) v (6π²n)^(1/3), níbi tí ħ ti jẹ́ nọ́ḿbà Planck tí a fi 2π pín, tí k jẹ́ nọ́ḿbà Boltzmann, tí n sì jẹ́ iye átọ́mù nínú mítà onígun mẹ́ta kan. Ti bàbà jẹ́ 8.49 × 10²⁸. Ṣírò rẹ̀, wàá rí 342 K.

342 láti inú ohùn, 344 láti inú ooru. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn pàápàá ní ìdí: inú yàrá ni wọ́n ti wọn ohùn yìí, bàbà sì máa ń le díẹ̀ sí i nínú òtútù, ìyára ohùn inú rẹ̀ á sì pọ̀ sí i.

*Ìkìlọ̀:* má mú θ tí wọ́n yọ láti ibi tí ooru ti pọ̀ wá fi wé tìrẹ. Bí ènìyàn bá yọ ti bàbà níbi tí C ti tó ìdajì 3R, nǹkan bí 315 K ni yóò rí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe. Àwòṣe Debye fún gbogbo ìgbì ní ìyára kan náà, kírísítà gidi kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà θ kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo ìwọ̀n ìgbóná mu. Èyí tó bá ohùn mu ni ti ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ìpele 7: Bí ìlà kò bá tọ́, tàbí tó tọ́ jù

Bí ìlà bá tẹ̀ sókè ní apá ọ̀tún, o ti kọjá θ/50. T⁵ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Gé àwọn àmì yẹn kúrò.

Bó bá ṣẹ́rí sókè ní apá òsì, níbi tí T kéré jù lọ, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé átọ́mù tó ní agbára òòfà ti wọ inú ègé rẹ bí ìdọ̀tí, tàbí pé ààrin átọ́mù fúnra rẹ̀ ti ń gba ooru. Irú èyí sábà máa ń bá 1/T² lọ ní apá tó ga jù. Fi γ àti β kún un, kí o fa gbogbo rẹ̀ pọ̀, tàbí kí o gba bàbà tó mọ́ ju èyí lọ. Bí ó bá jẹ́ gíláàsì lo fi sórí pẹpẹ, pa gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí tì: gíláàsì kì í ṣe kírísítà, ó sì máa ń ní ìpín tó ń bá T lọ láìní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn.

Èyí tó nira jù ni ìlà tó tọ́ gbọọrọ, tí θ rẹ̀ sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn kírísítà kan wà tí agbára òòfà átọ́mù wọn dojú kọ ara wọn, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, tí wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ìgbì máa ń gba inú ètò òòfà náà kọjá gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gba inú átọ́mù, ó sì ń bá ìyára kan náà rìn nígbà tó bá gùn. Nítorí náà, ìpín tirẹ̀ nínú C ń bá T³ lọ pẹ̀lú. Ó fara pamọ́ sínú β, kò sì sí gíráàfù tó lè fi í hàn, torí pé ìrísí kan náà ni wọ́n ní. Ìpele 6 nìkan ló lè tú u: ṣírò β láti inú ìyára ohùn, yọ ọ́ kúrò nínú β tí o wọ̀n, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ti òòfà. Ìyára ohùn tí wọ́n wọ̀n nínú òtútù ni kí o lò fún ìyọkúrò yìí, má lo ti inú yàrá, nítorí pé àṣìṣe 1% nínú ìyára máa ń di 3% nínú β, ohun tó ṣẹ́ kù sì lè má ju bẹ́ẹ̀ lọ.